Áàpù orí ìtàkùn tàbí áàpù Play Store: èwo ló yẹ ẹni tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́?

Àǹtí mi kan ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ kì í wá sọ́jà. Láti Ìkòròdú, Àjàh àti Lẹ́kì ni wọ́n ti ń fi WhatsApp béèrè iye tí wọ́n ń ta àrọ̀ lónìí. Wọn a sanwó sí àkáùǹtì, ọmọ rẹ̀ a sì gbé ẹrù fún onímọ́tò. Ọjà ń tà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni Àǹtí ń dáhùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ mà, èló ni àrọ̀? Ṣé ọ̀bọ̀kún wà?" Ó wá pinnu pé kí wọ́n bá òun ṣe áàpù.

Ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin méjì sọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun máa ṣe áàpù tí àwọn èèyàn yóò máa rí ní Play Store. Ẹnì kejì ní òun máa ṣe PWA, owó tí ó sì pè kò tó ìdá mẹ́ta ti ẹni àkọ́kọ́. Àǹtí pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà nítorí ó mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe. "Ṣé èyí kejì fẹ́ lù mí ní jìbìtì ni, àbí àkọ́kọ́ ló fẹ́ gba owó mi lọ?"

Kò sí oníjìbìtì nínú àwọn méjèèjì. Nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fẹ́ tà fún un, kò sì sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀ fún un. Ìbéèrè yìí ti wá bá mi láti ọ̀dọ̀ aláṣọ, onígáàsì àti ẹni tó ń fọ aṣọ fún èèyàn, nítorí náà mo kọ ọ́ síbí bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún Àǹtí.

Kí ni wọ́n ń pè ní PWA gan-an?

Áàpù Play Store ni gbogbo wa mọ̀. Ẹ lọ sí Play Store, ẹ wá orúkọ rẹ̀, ẹ tẹ "Install", ẹ dúró kí ó wọlé. Ìgbà tí gbogbo ẹrù rẹ̀ bá ti dé inú fóònù yín ni yóò tó ṣí.

PWA jẹ́ ojú ìwé ìtàkùn, irú èyí tí ẹ máa ń ṣí nínú Chrome, tí wọ́n wá kọ́ ní ìwà áàpù. Nínú àlàyé yìí, áàpù ìtàkùn ni n ó máa pè é. Líǹkì lásán ló máa ń jẹ́ nígbà tí ó bá dé ọwọ́ oníbàárà. Ó tẹ líǹkì náà, ojú ìwé ṣí, ó ń ra ẹja nìyẹn. Bí ó bá fẹ́ràn rẹ̀, ó lè fi àmì rẹ̀ sí ojú fóònù. Lórí Áńdírọ́ìdì, yóò tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta inú Chrome, yóò sì mú "Install app" tàbí "Add to Home screen". Lórí Áífóònù, inú Safari ni yóò ti tẹ àmì ìpín, kí ó tó mú "Add to Home Screen". Láti ọjọ́ náà lọ, bí ó bá tẹ àmì yẹn, ojú ìwé náà yóò ṣí gbàgàdà láìsí ibi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí lókè, gẹ́gẹ́ bí áàpù gidi. Ọdún 2015 ni Frances Berriman, tó ń ya ojú ìwé ìtàkùn, àti Alex Russell, oníṣẹ́ Google, fún irú iṣẹ́ yìí ní orúkọ Progressive Web App, tí àwọn oníṣẹ́ gé kúrú sí PWA.

Ohun mẹ́ta ló ń sọ ojú ìwé lásán di áàpù ìtàkùn. Àkọ́kọ́ ni pé àdírẹ́sì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `https`. Èkejì ni fáìlì kékeré kan tí wọ́n sábà máa ń pè ní `manifest.json`, níbi tí wọ́n kọ orúkọ áàpù, àwọ̀ rẹ̀ àti àwòrán àmì rẹ̀ sí. Ìkẹta ni fáìlì mìíràn tí àwọn oníṣẹ́ sábà máa ń sọ ní `sw.js`. Òun ni ọkàn iṣẹ́ náà, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti máa ń wá.

Ẹ fojú wò ó bí ọmọ ìsọ̀. Oníbàárà béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ tó dúró ní ìsọ̀. Ọmọ náà lè wo inú ìsọ̀ kí ó sì mú ohun tó wà nílẹ̀ fún un kíá, ó sì lè sáré lọ bá ọ̀gá rẹ̀ nínú ọjà kí ó tó dáhùn. Bákan náà ni `sw.js` ṣe dúró láàrin oníbàárà àti ìtàkùn. Ó ń kó àwọn nǹkan kan pamọ́ sínú fóònù, òun ló sì ń pinnu ìgbà tí yóò mú ti ilé àti ìgbà tí yóò sáré lọ síta. Nítorí rẹ̀ ni áàpù ìtàkùn fi lè ṣí níbi tí kò ti sí nẹ́tíwọ̀kì.

Kí ni oníbàárà yóò ná?

Ibí yìí ni mo rò pé ọ̀rọ̀ Àǹtí ti parí sí. Ẹni tó fẹ́ ra páálí àrọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kò ní fẹ́ fi dátà àti àyè inú fóònù rẹ̀ gba áàpù ńlá wọlé. Ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa ti kún fún fídíò àti àwòrán WhatsApp. Bí fóònù bá sì sọ pé àyè ò sí mọ́, áàpù ẹlẹ́ja ni wọn yóò kọ́kọ́ yọ, kì í ṣe ti báǹkì.

Konga, tí gbogbo wa mọ̀ níbi ọjà títà lórí ayélujára, ṣe áàpù ìtàkùn nígbà kan rí. Àbọ̀ tí Google gbé jáde lórí iṣẹ́ náà ni pé dátà tí èèyàn ń ná láti kọ́kọ́ ṣí i fi ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti áàpù tí wọ́n ń gbà wọlé. Ọjà Konga tóbi, ti Àǹtí kò ju ẹja oríṣi mẹ́jọ lọ. Bí wọ́n bá fún àwọn àwòrán pọ̀ dáadáa, ojú ìwé rẹ̀ kò yẹ kó tó ìwọ̀n fọ́tò kan ṣoṣo tí fóònù yín bá yà.

Ohun kejì ni líǹkì. WhatsApp ni Àǹtí ti ń tajà. Bí ó bá fi líǹkì sí Status rẹ̀, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti dé ìsọ̀ nìyẹn. Pẹ̀lú áàpù Play Store, líǹkì yóò gbé e lọ sí Play Store, yóò dúró kí áàpù wọlé, yóò ṣí i, wọn yóò ní kó forúkọ sílẹ̀. Ní ìrírí tèmi, ojú ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ ti máa ń padà.

Ibi méjì wà tí líǹkì ti máa ń fa ìdàrúdàpọ̀. Bí oníbàárà bá tẹ̀ ẹ́ láti inú Facebook tàbí Instagram, inú búráúsà tiwọn ni yóò ṣí sí, kò sì ní rí ibi tí yóò ti fi àmì sí ojú fóònù. Ó ní láti mú un jáde sínú Chrome tàbí Safari ná. Opera Mini náà tún wà, tí àwọn tó ń ṣọ́ dátà fẹ́ràn. Nígbà tí ó bá wà ní ipò tó ń dín dátà kù jù lọ, sáfà Opera, ìyẹn kọ̀ǹpútà wọn tó wà lórí ìtàkùn, ló ń lọ ojú ìwé kúnná kí ó tó dé fóònù, ọmọ ìsọ̀ wa kì í sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá. Nítorí náà, mo sọ fún ẹni tó fẹ́ bá Àǹtí ṣe é pé ojú ìwé náà gbọ́dọ̀ ṣeé fi rajà bí ojú ìwé lásán, kódà bí `sw.js` kò bá ṣiṣẹ́.

Kí ni olówò fúnra rẹ̀ yóò ná?

Owó tí wọ́n kọ́kọ́ pè fún Àǹtí kọ́ ni òpin ìnáwó. Láti gbé áàpù sí Play Store, dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni Google ń gbà. Ti Apple jẹ́ dọ́là 99 lọ́dọọdún, ọdún tí ẹ kò bá sì san án, áàpù yóò kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá ṣí àkáùǹtì aládàáni ní Play Store lẹ́yìn ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 2023 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ó kéré tán èèyàn 12 tí yóò máa dán áàpù náà wò fún ọjọ́ 14 léraléra, kí wọ́n tó gbà á láyè láti gbé e síta. Èèyàn 20 ni wọ́n béèrè fún níbẹ̀rẹ̀, wọ́n dín in kù lẹ́yìn náà.

Èyí tí àwọn oníṣẹ́ kì í sábà sọ ni ti ọdọọdún. Google máa ń gbé ìpele Áńdírọ́ìdì tí áàpù gbọ́dọ̀ bá mu sókè lọ́dọọdún. Áàpù tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn mọ́ yóò di ohun tí ẹni tó ra fóònù tuntun kò ní rí ní Play Store. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá ti lọ sí Kánádà, ẹlòmíràn ni ẹ ó tún sanwó fún.

Àǹtí bi mí bóyá Google yóò máa yọ nínú owó ẹja rẹ̀, nítorí ẹnì kan ti fi ìyẹn dẹ́rù bà á. Rárá o. Ohun tí wọ́n ń lò nínú fóònù, bíi eré tàbí orin, ni owó yẹn wà fún. Ẹja tí wọ́n gbé wọ mọ́tò kò sí nínú rẹ̀.

Áàpù ìtàkùn náà ní owó tirẹ̀. Ẹ ó máa san owó orúkọ àdírẹ́sì lọ́dọọdún, ẹ ó sì máa san owó ibi tí ojú ìwé ń gbé. Ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé, áàpù náà yóò kú lórí gbogbo fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé ẹ̀rí tó ń mú `https` ṣiṣẹ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí ń kú. Bí wọn kò bá ṣètò rẹ̀ kí ó máa tún ara rẹ̀ ṣe, oníbàárà yóò ṣí ojú ìwé yín lọ́jọ́ kan, yóò sì bá ìkìlọ̀ tí ń sọ pé ibẹ̀ léwu. Kí ẹ fi orúkọ àdírẹ́sì náà sí orúkọ ara yín, kì í ṣe orúkọ ẹni tó bá yín ṣe é. Mo ti rí ẹni tó jà títí kó tó rí tirẹ̀ gbà padà.

Kí ló dé tí áàpù fi ń fi iye àná han èèyàn?

Èyí ni àléébù tó lè sọ olówò di onígbèsè, ó sì ti ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ tí èmi fúnra mi ṣe nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ká ní lọ́jọ́ Ajé, páálí àrọ̀ yíyan kan jẹ́ ₦12,000. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ẹja wọ́n lódò, Àǹtí gbé e sí ₦15,000 lórí ojú ìwé. Oníbàárà kan ní Ìkòròdú tó ti ṣí áàpù lọ́jọ́ Ajé tún ṣí i, ₦12,000 ló rí. Ó ra páálí mẹ́ta, ó san ₦36,000. Kò purọ́, kò sì jalè, ohun tí fóònù fi hàn án ló san. Àǹtí á pàdánù ₦9,000, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn pẹ̀lú oníbàárà tó ṣe é ní pẹ̀lẹ́.

Ohun tó fà á ni pé ẹni tó kọ `sw.js` sọ fún ọmọ ìsọ̀ pé, "Ohunkóhun tí wọ́n bá béèrè, inú ìsọ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò." Ọmọ náà gbọ́ràn. Ó rí ìwé iye ọjọ́ Ajé nínú ìsọ̀, ó sì kà á jáde.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n pín ẹrù sí méjì. Ohun tí kì í yí padà lójoojúmọ́, bí àwòrán ẹja, àwọ̀ ojú ìwé àti nọ́ńbà fóònù, ni kí ọmọ ìsọ̀ máa mú láti inú ilé. Ti iye owó àti iye ẹja tó kù, kí ó kọ́kọ́ sáré lọ bá ọ̀gá. Bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá sí nìkan ni kí ó mú ti àná jáde, kí ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Iye ọjọ́ Ajé, aago 7:15 àárọ̀ nìyí." Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ọjà tí wọ́n pè bá dé sáfà, kí sáfà tún iye rẹ̀ wò kí wọ́n tó gba owó. Fóònù oníbàárà kọ́ ló ní àṣẹ lórí iye ẹja.

Ó tún ku ọ̀kan tó jọ ọ́. Bí oníṣẹ́ bá gbé `sw.js` tuntun síta, tuntun náà kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ti àtijọ́ lójú ẹsẹ̀. Yóò dúró dìgbà tí wọ́n bá pa gbogbo ojú ìwé tó wà ní ṣíṣí, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ pé kó gba iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ni pé oníṣẹ́ yóò ní òun ti tún un ṣe, fóònù kan yóò fi tuntun hàn, fóònù kejì yóò ṣì máa fi ti àtijọ́ hàn. Ẹ pa áàpù náà pátá lórí fóònù kejì, kí ẹ tún un ṣí. Bí tuntun bá jáde, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà wo ni áàpù Play Store wá pọn dandan?

Ìbéèrè tí mo máa ń béèrè ni pé: kí ni ẹ fẹ́ kí fóònù máa ṣe nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti kú, tí ó wà nínú àpò? Àǹtí kò fẹ́ kó ṣe nǹkan kan ju kí ó dún bí ẹja tuntun bá dé. Ìyẹn kò kọjá agbára áàpù ìtàkùn. Lórí Áífóònù, láti iOS 16.4 tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2023 ló ti ṣeé ṣe, kìkì bí oníbàárà bá ti fi àmì sí ojú fóònù tí ó sì gbà kí wọ́n máa pe òun.

Ká ní Àǹtí ní ọlọ́kadà márùn-ún tó ń gbé ẹja láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Àjàh, tí ó sì fẹ́ kí oníbàárà máa wo ibi tí wọ́n dé, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Áàpù ìtàkùn kò lè máa sọ ibi tí fóònù wà lẹ́yìn tí ọlọ́kadà bá ti pa ojú rẹ̀ sápò. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé fóònù ọlọ́kadà márùn-ún nìkan ló nílò áàpù gidi. Oníbàárà lè máa wo ojú ọ̀nà lórí líǹkì lásán. Ọ̀pọ̀ olówò ń sanwó kí gbogbo ayé lè ní ohun tí èèyàn márùn-ún nílò.

Ẹ̀rọ kékeré tí ń tẹ rìsíìtì nípasẹ̀ Bulutúùtù náà máa ń yọ èèyàn lẹ́nu lórí áàpù ìtàkùn. Safari kò gbà á rárá, Chrome sì gba oríṣi kan, kò gba òmíràn. Ẹni tí ìyẹn jẹ́ ojoojúmọ́ fún, kí ó lọ fún áàpù gidi.

"Àwọn mìíràn ò ní gbà pé òótọ́ ni mí bí wọn ò bá rí mi ní Play Store ńkọ́?" Àǹtí béèrè. Mo ní ọ̀rọ̀ gidi ni. Bí ó bá di dandan lọ́jọ́ iwájú, áàpù ìtàkùn yìí kan náà ni wọ́n lè dì sínú àpò Áńdírọ́ìdì pẹ̀lú irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Bubblewrap, kí wọ́n gbé e lọ sí Play Store. Wọn yóò fi fáìlì `assetlinks.json` sórí àdírẹ́sì náà láti fi hàn pé ẹnì kan náà ló ni méjèèjì. Bí fáìlì yẹn bá ní àṣìṣe, àdírẹ́sì yóò máa yọ lókè áàpù, ibẹ̀ sì ni ẹ ó ti mọ̀. Ohun tí n kò gbà fún Àǹtí ni ti ẹnì kẹta tó ní kí ó máa fi fáìlì áàpù ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn lórí WhatsApp. Ọ̀nà tí àwọn olè ń gbà wọ fóònù nìyẹn, kò sì yẹ kí a kọ́ oníbàárà wa láti máa gbà á wọlé.

Báwo la ṣe dán an wò kí Àǹtí tó san owó ìkẹyìn?

Àǹtí mú ẹnì kejì. Lọ́jọ́ tí ó ní òun ti ṣe tán, a jókòó sí ìsọ̀ pẹ̀lú fóònù mẹ́ta: Áńdírọ́ìdì Àǹtí, ti ọmọ rẹ̀ tó kún fọ́fọ́, àti Áífóònù tí a yá lọ́wọ́ oníbàárà kan. A ti ṣí áàpù náà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ tó ṣáájú. Àǹtí yí iye ẹpìyà padà, a tún ṣí i, iye tuntun jáde lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

A wá pa nẹ́tíwọ̀kì. Áàpù ṣí, ó kọ aago tí iye náà ti wá sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ "Ra á", ó ní, "A ti gba ọjà yín," nígbà tí ohunkóhun kò tíì kúrò nínú fóònù. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní yóò lọ fúnra rẹ̀ bí nẹ́tíwọ̀kì bá dé. Òótọ́ ni lórí Chrome ti Áńdírọ́ìdì, ṣùgbọ́n Safari kò ní irú ètò yẹn, oníbàárà Áífóònù yóò kàn máa retí ẹja tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó pè. A ní kí ó pa gbólóhùn yẹn rẹ́, kí ó kọ ọ́ pé: "Kò tíì lọ. Ẹ tún un tẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá dé," kí ó sì tọ́jú ohun tí wọ́n ti yàn kí wọ́n má bàa tún un yàn.

Ọjọ́ méjì ni ó fi tún un ṣe. A tún pa nẹ́tíwọ̀kì, Àǹtí fúnra rẹ̀ tẹ "Ra á" lórí Áífóònù náà, ó ka ohun tó yọ síta sókè, ó sì fi owó tó kù ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin náà níbẹ̀.